Bí mo ṣe fa ìlà ìdàgbàsókè ọmọ mi fúnra mi

Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọbìnrin mi ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n níbi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì á kọ nọ́ńbà sínú káàdì, á ní, "Ìyá, ọmọ yín ń ṣe dáadáa, kò tíì dé ìlà pupa," àwa náà á sì gbọ̀nà ilé lọ. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Ó pọn ọmọ náà lọ́jọ́ kan nígbà tó pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọmọ yìí ń fúyẹ́ lẹ́yìn mi."

Mo gbé káàdì jáde láti fi hàn wọ́n pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àwọn nọ́ńbà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ewé tí àtẹ ìdàgbàsókè wà ṣófo pátápátá. Ẹnikẹ́ni ò fi àmì kankan sí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi ní káàdì. Mo pinnu pé màá fa ìlà náà fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ àtẹ náà ò ṣòro tó bó ṣe rí lójú. Oṣù tí ọmọ ti pé ló wà nísàlẹ̀, kílò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ọmọbìnrin yàtọ̀ sí ti ọmọkùnrin, nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí wọ́n fún yín. Ìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ 0 sí ló wà láàárín: ìdajì àwọn ọmọ tí ara wọn dá máa ń wà lókè rẹ̀, ìdajì á wà nísàlẹ̀. Ìlà pupa nísàlẹ̀ ni -2. Ọmọ tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò wúwo tó ọjọ́ orí rẹ̀. Ìlà dúdú tó tún wà lábẹ́ ìyẹn ni -3, ọ̀rọ̀ ọmọ tó bá wà lábẹ́ òun náà ti le gan-an. Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n wọ̀n fún un: Bùràsíìlì, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Òmánì àti Amẹ́ríkà. Ọmọ tó ń mu ọmú, tí ìyá rẹ̀ kì í mu sìgá, ni wọ́n yàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìtọ́jú bá bára dọ́gba, bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń ga ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí ìkejì.

Ọjọ́ orí ni mo kọ́kọ́ ṣírò. Oṣù tó ti pé nìkan la máa ń kà. Ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ogúnjọ́ ṣì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kì í sún un sí mẹ́rìndínlógún. Ẹni tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ ṣáájú oṣù gbọ́dọ̀ yọ iye ọ̀sẹ̀ tó fi yá kúrò títí ọmọ náà á fi pé ọdún méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àtẹ á fẹ̀sùn èké kan ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá wọ̀n ọ́n fúnra mi kí n lè ní nọ́ńbà tó dá mi lójú. Mo yá òṣùwọ̀n tó máa ń fi nọ́ńbà hàn lójú gíláàsì, èyí tó lè fi ìdá mẹ́wàá kílò hàn. Òṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́ tí àwa àgbà ń gùn kò lè ran ọmọdé lọ́wọ́, torí ìdajì kílò tó máa ń gbójú fò ni gbogbo ohun tí à ń wá. Mo gbé òṣùwọ̀n sórí sìmẹ́ńtì, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi nìkan kọ́kọ́ gùn ún: 61.4. Mo gba ọmọ níhòòhò, láìsí nápì, lọ́wọ́ Màmá, ìyá ọkọ mi, mo tún gùn ún: 69.2. Mo yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, ó ku 7.8.

Mo wá fi àmì sí àtẹ, láti ọjọ́ ìbí wá. Ó jẹ́ 3.1 nígbà tí mo bí i, ìlà ewé wà ní 3.2. Ní oṣù mẹ́fà ó jẹ́ 7.0, ìlà ewé wà ní 7.3. Ní oṣù mẹ́sàn-án, 7.5, ìlà ewé 8.2. Ní ọdún kan, 7.6, ìlà ewé 8.9. Ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 7.8, ìlà ewé 9.6. Nọ́ńbà kan wà tí kò bá àwọn yòókù mu: nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá, wọ́n kọ 8.3. Mo rántí ọjọ́ náà. Ọ̀gìnnìtìn ni, mo wọ súwẹ́tà àti bàtà fún un, wọ́n sì gbé e sínú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí àmì kan bá fò sókè lójijì, tí èyí tó tẹ̀ lé e tún já wálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí òṣùwọ̀n àti aṣọ kí ẹ tó fura sí ọmọ. Mo yí róbótó ká àmì yẹn, mi ò sì fi ìlà kàn án.

Nígbà tí mo so àwọn tó kù pọ̀, ọwọ́ mi rọ. Ìlà pupa ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà ní 7.6. Nítorí náà nọ́ọ̀sì ò parọ́: ọmọ mi wà lókè rẹ̀, àmì kan ṣoṣo yẹn wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdí ìlà ewé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti fi oṣù mẹ́sàn-án rìn gba inú ààyè tó wà láàárín ewé àti pupa kọjá títí ó fi kù díẹ̀ kó kan pupa. Láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlà ewé fi kílò 2.3 gùn sókè, tirẹ̀ fi 0.8 péré. Ìlà ọmọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bíi pèpéle. Ọmọ mìíràn lè wà níbi tí tèmi wà yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kó máa bá ìlà pupa gòkè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì jẹ́ pé ọmọ tínínrín ni Ọlọ́run dá a. Ibi tí ìlà dorí kọ ló fi ọmọ náà yàtọ̀ sí tèmi.

Màmá wo ìwé náà pẹ́. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n, wọ́n ní ìyá àwọn máa ń gbé àwọn àbúrò àwọn lọ wọ̀n nígbà kan, tí wọ́n ń fi àmì sí káàdì tí wọ́n ń gbé délé. Ìtàn tó wà lákọsílẹ̀ ni. Dókítà David Morley, tó wá sí ọsibítù Wẹ́sílì ní Iléṣà ní 1956, Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀ káàdì yìí, kí ó tó tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kí a wo bí ìlà ṣe ń lọ. Inú bí mi pé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tí ojú ewé tèmi sì ṣófo.

Kílò nìkan kò tó láti mọ irú àìtó tó jẹ́, nítorí náà mo wọn bó ṣe gùn tó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ìdùbúlẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n. Ó máa ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 0.7 gùn ju ti ìdúró lọ, kí ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Mo tú irun rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ orí rẹ̀. Mo ti tábìlì mọ́ ògiri. Màmá di orí rẹ̀ mú kó kan ògiri, kí ojú rẹ̀ kọjú sí àjà, èmi tẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì kí ẹsẹ̀ lè nà, mo fi ìwé líle kan gbá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní òòró, mo fàlà sí tábìlì. Ó sunkún. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta: 74.2, 74.8, 74.5. Mo mú 74.5.

Lórí àtẹ gígùn, ìlà pupa ọmọbìnrin oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà ní 72, ewé wà ní 77.5. Kò ràrá, ìyẹn ni pé kò kúrú jù fún ọjọ́ orí rẹ̀. Àtẹ kẹta ni èyí tó fi kílò wé gígùn, tí kò tilẹ̀ ka ọjọ́ orí sí. Níbẹ̀, ọmọbìnrin tó gùn ní 74.5 tí kò bá tó 7.6 ti rù. Tèmi fi 0.2 ju ìyẹn lọ. Nítorí náà kò tíì rù, kò ràrá, ṣùgbọ́n ó ń lọ síbi tí ọmọ ti máa ń rù.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan níbẹ̀ fi okùn wọn apá òsì rẹ̀ láàárín èjìká àti ìgúnpá: sẹ̀ǹtímítà 13.2. Ó ní bó bá jẹ́ pé kò tó 12.5 ni òun ì bá fi í sínú ètò oúnjẹ ìtọ́jú, bí kò bá sì tó 11.5, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wò bóyá ó wú, torí omi inú ara máa ń mú kí kílò ọmọ tó ń ṣàìsàn dà bíi pé ó dára. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, kí a má wo àtẹ rárá, ọsibítù ló kàn. Ó wá béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Mo ní ògì láàárọ̀ àti lálẹ́, ọmú láàárín. Ó béèrè bí ògì náà ṣe ki tó. Mo ní ó ń ṣàn. Ó ní, "Omi ni ẹ̀ ń fún un, Ìyá. Ikùn rẹ̀ kékeré, omi sì ti gba ibẹ̀." Ó tún rí i nínú ìwé pé ibà ti mú un lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́wàá sí ọdún kan, kò sì padà jẹun dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

A mú kí ògì ki dé ibi tí ṣíbí ò fi ní jẹ́ kó dà sílẹ̀, a ń pò ó mọ́ ẹ̀pà lílọ̀, edé àti epo pupa díẹ̀. Ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ọmú kò sì dúró.

Ní àkókò yẹn ni aládùúgbò wa kan ní kí n bá òun wo ti ọmọkùnrin òun. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín pé ó sanra. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni, kílò 12. Lórí àtẹ kílò àti ọjọ́ orí, ìlà pupa òkè, èyí tí wọ́n kọ 2 sí lókè ìlà ewé, wà ní 12.8, kò sì kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 75 ni gígùn rẹ̀, ó sún mọ́ ìlà pupa ìsàlẹ̀ tó wà ní 74.1. Nígbà tí mo fi kílò rẹ̀ wé gígùn, ìlà pupa òkè fún ọmọkùnrin tó gùn ní 75 wà ní 11.3. Ó ti kọjá rẹ̀ dáadáa. Ọmọ náà sanra jù fún bó ṣe gùn mọ, kúkúrú rẹ̀ ló bo sísanra mọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni mi ò ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi kílò àti ọjọ́ orí nìkan sọ pé ọmọ ò sanra jù. Mo bẹ ìyá rẹ̀ pé kó gbé e lọ kí wọ́n tún un wọ̀n lórí pátákó gidi, torí tábìlì mi lè fi sẹ̀ǹtímítà kan ṣìnà.

Oṣooṣù ni mo ń wọn ọmọ mi báyìí, ní àárọ̀, níhòòhò, lórí òṣùwọ̀n kan náà. Oṣù kìíní, kò kúrò lójú kan púpọ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Oṣù kejì, ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí. Ní oṣù méjìdínlógún ó jẹ́ 8.9, níbi tí ìlà pupa wà ní 8.1 tí ewé wà ní 10.2. Màmá pọ̀n ọ́n ní ọjọ́ yẹn dé ọjà, wọn ò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi dé.