Bí mo ṣe so ọwọ́ òsì ọdẹ mi mọ́ ìbọn ṣakabùlà

Ọwọ́ òsì kan ṣoṣo ló gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi, mi ò purọ́. Èmi àti àbúrò mi ń ṣe gémù ọdẹ kan nílé wa ní Igbógbó, ní Ìkòròdú níbí, Unreal Engine la fi ń ṣe é, ọdẹ yẹn sì ń gbé ìbọn ṣakabùlà, ìbọn gígùn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, tọwọ́-tọwọ́ méjèèjì ló fi ń dì í mú. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, ó dáa. Tó bá ti gbé ìbọn sókè tàbí tó yìn ín báyìí, ọwọ́ òsì á kàn fò kúrò lára igi ìbọn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

Bá a ṣe tò ó nìyí. Àbúrò mi ló ń ṣe ánímẹ́ṣọ̀n, ó ṣe ìdúró mẹ́sàn-án fún bí ọdẹ ṣe ń tọ́ka ìbọn, àárín, òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fírémù kan péré, a ò sì jẹ́ kó kọjá 60° sí ibikíbi. `Aim Offset` ló ń pò wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń ta gémù ṣe ń yí ojú. Ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe odindi ìdúró o, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ìdúró àárín ni, ìyàtọ̀ yẹn lẹ́ńjìnì á wá fi kún ohunkóhun tí ara ń ṣe lọ́wọ́, yálà ó ń rìn àbí ó lóṣòó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àdítíìfù. A fi tiwọn sí `Mesh Space`, kó máa yí gẹ́gẹ́ bí gbogbo ara ṣe dojú kọ iwájú, torí nígbà tá a lo `Local Space` níbẹ̀, tí ọdẹ bá ti tẹ̀ síwájú tó wá wo ẹ̀gbẹ́, egungun ẹ̀yìn á yí lórí ìtẹ̀ yẹn, ẹnu ìbọn á sì máa wọlẹ̀.

Àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Mo ní kó lọ tún ìdúró ẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín, ọwọ́ wà níbẹ̀." Mo wò ó lóòótọ́, mo wọn àyè tó wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ òsì àti ibi tó yẹ kó dì mú lára ìbọn: ní 0° kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ní 60° sókè bákan náà, àmọ́ ní 30° tó wà láàárín méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin gbáko! Kò jẹ̀bi rárá. Tí ẹ́ńjìnì bá ń po ìdúró méjì pọ̀, egungun kọ̀ọ̀kan ló ń yí lọ́tọ̀, apá ọ̀tún ń lọ tiẹ̀, apá òsì ń lọ tiẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé nǹkan kan náà ni wọ́n jọ dì mú. Ká tiẹ̀ ṣe ìdúró márùndínlọ́gbọ̀n, àlàfo yẹn á kéré sí i ni, kò ní tán.

Ibẹ̀ ni mo ti gba kámú pé ọwọ́ yẹn nílò IK. Ní ìlànà tá a mọ̀, èjìká ló kọ́kọ́ ń yí, ìgúnpá á tẹ̀ lé e, ibi tí ọwọ́ bá bá ara ẹ̀ náà ló bá a. IK yí i padà: o ó sọ ibi tó o fẹ́ kí ọwọ́ wà, òun á wá ṣírò bí ìgúnpá àti èjìká á ṣe tẹ̀ kí ọwọ́ lè débẹ̀. Mo gbé nóòdù `Two Bone IK` sínú `AnimGraph`, mo fi `hand_l` sí `IK Bone`, mo sì fi sókẹ́ẹ̀tì kan tí mo pè ní `OwoOsi` sí ara igi ìbọn, níbi tí ọwọ́ máa dì mú. Ìbọn fúnra ẹ̀ so mọ́ `hand_r`. Mo ka ibi tí sókẹ́ẹ̀tì yẹn wà nínú ayé gémù, mo fún nóòdù yẹn ní `World Space`, ó ṣiṣẹ́, mo jó díẹ̀.

Iná wá lọ. Tí iná bá ti lọ, tí lápútọ́ọ̀pù mi bá ń lo bátìrì, gémù náà máa ń já wálẹ̀ sí bíi fírémù 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbà yẹn ni mo rí i pé tí ọdẹ bá yí kíákíá, ọwọ́ òsì ń wọ́ tẹ̀lé ìbọn lẹ́yìn, bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń fà lọ́jà Sábó. Ẹ wo ìdí ẹ̀. Ibi sókẹ́ẹ̀tì tí mò ń kà, ti fírémù tó ti kọjá ni, torí ìgbà tí mò ń kà á, wọn ò tíì ṣírò ìdúró ara ti fírémù tuntun. Tí ọdẹ bá ń yí 180° láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fírémù 20, á jẹ́ 9° fún fírémù kan. Sókẹ́ẹ̀tì mi fi nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí àárín ara, 60 × sin 9° sì lé ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ní fírémù 60, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán tiyín wò láìdúró de kí iná lọ, ẹ tẹ `t.MaxFPS 20` sí kọ̀ńsóòlù kẹ́ ẹ sì máa yí kiri.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé mi ò bi ayé mọ́ pé ibo ni sókẹ́ẹ̀tì wà, ọwọ́ ọ̀tún ni mo bi. Ìbọn kì í yẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí náà bí sókẹ́ẹ̀tì ṣe jìnnà sí `hand_r` kì í yí padà, ì báà jẹ́ fírémù àná lẹ ti kà á.

```cpp
const FTransform S = Ibon->GetSocketTransform(TEXT("OwoOsi"), RTS_World);
Mesh->TransformToBoneSpace(TEXT("hand_r"), S.GetLocation(),
    S.Rotator(), IbiOwo, YiyiOwo);
```

`IbiOwo` yẹn ni mo fún nóòdù náà, mo yí `Effector Location Space` sí `Bone Space`, mo sì fi `hand_r` sí `Effector Target`. Ọrùn ọwọ́ fúnra ẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bí ánímẹ́ṣọ̀n ṣe ṣe é, kò burú lójú mi. Láti ìgbà yẹn kò wọ́ mọ́.

Ó wá ku ìtapadà, ìyẹn bí ìbọn ṣe ń ta sẹ́yìn tó bá dún. Kílíìpù àdítíìfù kékeré ni, fírémù 18. Àṣìṣe méjì la ṣe níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àbúrò mi fi `Base Pose Type` sí ìdúró ìpìlẹ̀ egungun, èyí tí apá sọ̀ wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fi í sí ìdúró tí ọdẹ ti gbé ìbọn sójú. Ìyàtọ̀ tó wá ṣírò kì í ṣe ìtapadà nìkan, gbígbé apá sókè látilẹ̀ wà nínú ẹ̀, bí ọdẹ ṣe yìnbọn báyìí ó gbé apá lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn kọjá lórí fìlà ẹ̀! A yí i sí `Selected animation frame`, fírémù 0 ti ìdúró àárín. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé tiyín dáa ni pé tẹ́ ẹ bá dá kílíìpù dúró sí fírémù àkọ́kọ́, nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ yí padà lára ọdẹ.

Ìkejì ni ètò nóòdù. Mo ti fi IK ṣáájú ìtapadà. Ìbọn ta sókè 9°, ọwọ́ òsì fi sẹ̀ǹtímítà 38 wà níwájú ọwọ́ ọ̀tún, 38 × sin 9° fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ibi tí ìbọn fi bọ́ lọ́wọ́ òsì nìyẹn, torí IK ti parí iṣẹ́ ẹ̀ kí ìbọn tó ta. Ètò tó wà báyìí ni ìrìn, lẹ́yìn náà `Aim Offset`, lẹ́yìn náà ìtapadà, IK ló kẹ́yìn pátápátá. Mo tún ní kí àbúrò mi pa gbogbo ohun tó ṣe sí apá òsì rẹ́ nínú kílíìpù ìtapadà, torí IK á ṣáà gbé e lọ síbi tí ìbọn bá lọ. Kílíìpù yìí ní tiẹ̀, `Local Space` ló wà, kì í ṣe `Mesh Space`: ìtapadà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ibi tí ìbọn dojú kọ. Tẹ́ ẹ bá fi `Mesh Space` sí i, tí ọdẹ wá wo ẹ̀gbẹ́, ìbọn ò ní ta sókè tó bó ṣe yẹ, á tún máa yí lójú kan bíi kọ́kọ́rọ́ nínú ihò.

Bàbá ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru yà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé ọwọ́ ló ń gba ìbọn?" Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ tó ní igi gígùn sí èjìká, wọ́n fi hàn mí: ìdí ìbọn á ti èjìká sẹ́yìn, àyà á yí díẹ̀, ọwọ́ òsì kàn ń tì í lẹ́yìn nísàlẹ̀ ni. Kílíìpù tiwa, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń ta, èjìká dúró bí òpó. A tún un ṣe látorí `spine_03` àti `clavicle_r`, ọwọ́ ọ̀tún ò tiẹ̀ ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Òun ló mú un jọ ìbọn tó wúwo, ju gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Bàbá ló tún rí èyí tó kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ pé àléébù ni. Wọ́n ní kí ló dé tí apá òsì fi ń le gbagidi bí igi tí ọdẹ bá tọ́ka sílẹ̀. Mo lọ wọ̀n ọ́n. Apá ọdẹ yẹn, èjìká sí ìgúnpá 27, ìgúnpá sí ọrùn ọwọ́ 25, àpapọ̀ 52. Tó bá tọ́ka sílẹ̀ pátápátá, láti èjìká òsì dé sókẹ́ẹ̀tì jẹ́ 55. Kò lè dé ibẹ̀ láéláé, nítorí náà apá á nà tán, ọwọ́ á sì dúró ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ìbọn. `Allow Stretching` wà níbẹ̀ tó lè fa apá gùn, ṣùgbọ́n apá tó ń gùn bíi rọ́bà yẹn burú lójú. Mo fa sókẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lórí igi ìbọn, ó di nǹkan bíi 50, ìgúnpá rí àyè tẹ̀ díẹ̀.

Ti kíki ìbọn ò le: ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ kúrò lára igi láti mú ẹ̀tù, nítorí náà mo ya kọ́ọ̀fù kan sínú ánímẹ́ṣọ̀n kíki yẹn tó ń lọ láti 1 sí 0 kó tó tún padà sí 1, mo sì fi í sí `Alpha` IK, èyí tó ń sọ bí IK ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Ẹ má jẹ́ kó já lẹ́ẹ̀kan náà o, ẹ fún un ní bíi fírémù mẹ́fà láti yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ á fò.

Mo fi `slomo 0.1` wo gbogbo ẹ̀ fún Bàbá nígbà tó parí. Wọ́n ní ṣakabùlà kì í dún lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, òòlù á kọ́kọ́ lu, iná á wá gba inú ihò lọ bá ẹ̀tù. Mo sún ìtapadà sẹ́yìn ní fírémù mẹ́ta. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Èéfín ńkọ́?"