Òwú gígùn lábẹ́ àbẹ́là: bí mo ṣe kà á, àti ohun tí n kò rí nínú rẹ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí ọjà ìpín-ìdókòwò ti tì ní Èkó, mo jókòó nílé mi ní Adó-Èkìtì, mo ṣí ṣáàtì iye owó ìpín ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ń ṣọ́ láti bí oṣù méjì, mo sì rí àbẹ́là kan, ìyẹn àwòrán iye owó ọjọ́ kan, tí òwú rẹ̀ nísàlẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ fíìfíì. Ọjọ́ mẹ́fà ni iye owó ìpín náà ti fi ń já wálẹ̀, láti náírà 48 títí dé nǹkan bíi 42. Àmì tí àwọn oníṣòwò ń pè ní òòlù, tí wọ́n gbà pé ó ń sọ pé iye owó fẹ́ yí padà sókè, ni mo gbà pé mo rí, mo sì pinnu pé n óò rà nígbà tí ọjà bá ṣí ní ọjọ́ Ajé.

Iye mẹ́rin péré ló wà nínú àbẹ́là kan: iye tí ọjà fi ṣí, iye tó ga jù lọ, iye tó kéré jù lọ, àti iye tí ọjà fi tì. Ara rẹ̀ tó nípọn ni àlàfo tó wà láàrin ìṣí àti ìtì; òwú tó yọ lókè tàbí nísàlẹ̀ ni ibi tí iye owó dé ṣùgbọ́n tí kò lè dúró sí. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ìrẹsì ilẹ̀ Jàpáànù ni ọ̀nà ìyàwòrán yìí ti ṣẹ̀ wá, kò sì ṣòro fún ẹni tó ti náwó nǹkan rí láti lóye rẹ̀. Ìyá oníṣu tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ọba pe iṣu márùn-ún ní 10,000 náírà láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ná an títí tó fi ta òmíràn ní 7,000 ní ọ̀sán, ó sì tún jẹ́ pé 10,200 ló gbà lórí èyí tó kẹ́yìn kó tó palẹ̀ mọ́. Bí a bá ya ọjọ́ rẹ̀ yẹn, ara àbẹ́là náà yóò kúrú, òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì gùn.

Àbẹ́là tí mo rí ní ọjọ́ Ẹtì náà ṣí ní náírà 42.00, ó já dé 39.40, ó ga dé 42.60, ó sì tì ní 42.40. Ara rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ 40, òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 2.60, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́fà ara lọ, òwú òkè rẹ̀ kò sì ju kọ́bọ̀ 20. Ohun tí mo kà nínú rẹ̀ ni pé àwọn olùtà ti iye owó wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, pé àwọn olùrà dúró dè wọ́n ní 39.40, àti pé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn olùrà ti gba gbogbo ilẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn padà. Mo fẹ́ ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ níhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé olùrà pọ̀ ju olùtà lọ. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ìpín tí ẹnì kan tà, ẹnì kan ló rà á. Ohun tó ń yí iye owó padà ni ẹni tí ara ń kán, tó gbà láti fi iye tí ẹnì kejì fẹ́ ṣòwò.

Mo ra ìpín 500 ní náírà 42.50. Ọjọ́ kejì ó ga díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wálẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ ọjà kẹjọ, ó ti dé 38.20. Náírà 2,150 ni àdánù náà. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ibi tí kíkà mi ti ṣìnà, nítorí náà mo bẹ alágbàtà mi kó fún mi ní àkọsílẹ̀ ọjà ọjọ́ Ẹtì yẹn, ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wákàtí rẹ̀.

Nígbà tí mo tò ó sórí ìwé, ìtàn tí mo rí kì í ṣe ti ìjàkadì. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ọjà ṣí, nǹkan bíi 60,000 ìpín ni wọ́n tà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dájú pé ẹni tó tà á kò bìkítà fún iye. Àwọn tó fẹ́ rà kò pọ̀ lásìkò náà. Ẹni tó fẹ́ rà ní 41.80 kò lè gba gbogbo ìpín tó gbé kalẹ̀ tán, àwọn tó wà ní 41 àti ní 40 náà kò lè gbà á tán, títí ó fi kan ẹni tó dúró ní 39.40. Lẹ́yìn èyí ni iye owó padà sí nǹkan bíi 42, ó sì ń lọ sókè sódò níbẹ̀ títí di ìparí, ju 700,000 ìpín ni wọ́n sì ṣòwò lórí rẹ̀ láàrin àkókò náà. Kò sí ẹni tó dúró jà ní 39.40. Ẹnì kan tí ara ń kán ló kọjá lọ.

Nígbà tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá oníṣu, ó ní: "Tíṣà, ọjọ́ tí mo tà á ní 7,000 yẹn, kì í ṣe pé iṣu ò níye lórí o. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjerò tí mo fẹ́ fi ẹrù rán ló fẹ́ lọ, mo bá gbé e fún ẹni tó wà níwájú mi." Ohun tí àbẹ́là kì í kọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Kì í sọ iye ìpín tí wọ́n tà ní ibi tí òwú dé, kì í sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ṣòwò 400,000 ìpín ní 39.40 fún wákàtí méjì, tí àwọn olùrà sì rọra gbé e gòkè láti ibẹ̀, àbẹ́là kan náà ni a óò rí.

Mo wá padà sí ṣáàtì ilé-iṣẹ́ náà fún odidi ọdún kan. Mo kọ òfin mi sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ojú mi má baà máa yan èyí tó wù ú: òwú ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ara, òwú òkè gbọ́dọ̀ kúrú, iye owó sì gbọ́dọ̀ ti máa wálẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Mo rí òòlù 13. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, méje ga ju ibi tí wọ́n tì sí, mẹ́fà kéré sí i. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè sọ pé àmì náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún ka àwọn ọjọ́ tí iye owó ti ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò sí òòlù níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ 22, méjìlá nínú wọn ló gòkè lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ìdajì pẹ̀lú díẹ̀ ni méjèèjì. Mẹ́tàlá kéré jù láti fi dá ẹjọ́ gbogbo ọjà, n kò sì fi dá a, ṣùgbọ́n nínú ṣáàtì yìí òòlù kò fi ohunkóhun kún ohun tí ìwálẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ, a kò sì tíì yọ owó alágbàtà kúrò.

Síbẹ̀ n kò pa kíkà àbẹ́là tì. Ohun tí mo ń lò ó fún báyìí ni láti mọ ibi tí èrò mi ti di irọ́. Bí mo bá sọ pé àwọn olùrà wà ní 39.40, tí ọjà sì wá tì sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ti parí, mo sì gbọ́dọ̀ tà. Ọjọ́ kẹfà ni ìpín tèmi tì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì jókòó wò ó fún ọjọ́ méjì sí i.

Èyí náà ní ibi tó mọ. Lórí ọjà Nàìjíríà, iye owó ìpín kan kò lè lọ sókè tàbí wálẹ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ lóòjọ́. Bí ìròyìn burúkú bá jáde lóru, ọjà lè ṣí ní òpin ìsàlẹ̀ náà láàárọ̀, kí gbogbo ènìyàn fẹ́ tà, kí àwọn tó fẹ́ rà má sì tó nǹkan. Àbẹ́là ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ní ara, kì í sì í ní òwú. Ìlà kékeré kan tó dùbúlẹ̀ ni, ẹni tó sì ti pinnu láti tà ní 39.40 kò ní rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye náà.