Ẹ sọ “mo fẹ́ máa kàwé sí i” di iye tó ṣeé wọ̀n

Ẹ̀yin ará, ẹni tó kọ “mo fẹ́ máa kàwé sí i lọ́dún yìí” kò tíì kọ nǹkan kan, torí kò sọ́jọ́ tó máa lè sọ bóyá òun ti ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàkọsílẹ̀ iye ojú ìwé tí ẹ ń kà lóòjọ́ báyìí, láìfi kún un. Ká ní ó jẹ́ 6, ẹ lè fojú sun 10. Ẹ má fi ọjọ́ 365 ṣírò o. 300 tó, torí àìsàn àti ìrìn àjò á gba tiwọn. Ìyẹn jẹ́ ojú ìwé 3,000 lọ́dún.

Ní ìparí oṣù kẹta, ó yẹ kí ẹ ti dé 750. Ní oṣù kẹfà, 1,500. Ní oṣù kẹsàn-án, 2,250. Ojú ìwé ni kí ẹ máa ṣírò, kì í ṣe iye ìwé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa sá fún ìwé ńlá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ìpinnu gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú àyẹ̀wò. Bí oṣù kẹta bá parí tí ẹ ò tíì dé 600, ẹ má di gbèsè náà ru oṣù tó kàn. Ẹ yí àkókò tí ẹ fi ń kàwé padà, tàbí kí ẹ dín 10 kù sí 8.