Ojú Owó Àpò Gààrí Kan: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Ṣe Gààrí Tà

Ẹni tó ń ra gààrí lọ́jà láti tún un tà kì í pẹ́ mọ ojú owó rẹ̀: iye tó rà á ni, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Ti ẹni tó ń ṣe gààrí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló rà, gààrí ló ń tà. Láàárín méjèèjì ni bíbó, rírin, títẹ̀, sísẹ́ àti yíyan wà, owó sì ń jáde níbi kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù bá parí, ẹ̀gẹ́ kan yóò ti di gààrí, òmíràn yóò ṣì wà lábẹ́ jáàkì, tí omi ń kán lára rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dàrú.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, àwọn tó ń ṣe gààrí nínú àtíbàbà kan, tí wọ́n sì ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. A mú kí iye owó wọn rọrùn láti ṣírò. Ti ọjà yín lè yàtọ̀. Oṣù Kẹwàá la ó yẹ̀ wò.

Owó tó bá ẹ̀gẹ́ rìn

Ohun tí a kọ́kọ́ ń wá ni owó tí èèyàn lè nawọ́ sí pé ẹ̀gẹ́ yìí gan-an ló gbà á. Ìnáwó ìpìlẹ̀ la ó máa pè é. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò owó níléèwé mọ̀ ọ́n sí práìmù kọ́ọ̀sìtì.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù, ààbọ̀ tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tí wọn kò tíì bó wà nílẹ̀, owó rẹ̀ jẹ́ ₦42,000. Wọ́n ra tọ́ọ̀nù 12 láàárín oṣù ní ₦80,000 tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ₦960,000. Ọkọ̀ tó kó o wá láti oko gba ₦72,000. Owó ọkọ̀ yìí kì í ṣe ìnáwó ọ̀tọ̀ o. Ara owó ẹ̀gẹ́ ni, nítorí ẹ̀gẹ́ tó wà lóko kò lè di gààrí ní àtíbàbà. Torí náà, tọ́ọ̀nù kan di ₦86,000 kó tó dé ọwọ́ wọn. Nígbà tí oṣù parí, ààbọ̀ tọ́ọ̀nù tún wà nílẹ̀, ₦43,000. Ẹ ó rí i pé wọn kì í kó ẹ̀gẹ́ jọ púpọ̀, nítorí bí wọ́n bá ti hú u, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí inú rẹ̀ fi ń dúdú.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lò nìyí: 42,000 + 960,000 + 72,000 − 43,000 = ₦1,031,000.

Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ gba ₦15,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, ₦180,000 lápapọ̀. Àwọn tó ń yan gààrí gba ₦5,000 lórí àpò kan tó wọn kílò 50. Wọ́n yan àpò 48, owó wọn sì jẹ́ ₦240,000. Ẹgbẹ́ yìí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń san ₦5,000 fún ẹlẹ́rọ lórí tọ́ọ̀nù kan, ó jẹ́ ₦60,000.

Ìnáwó ìpìlẹ̀: 1,031,000 + 180,000 + 240,000 + 60,000 = ₦1,511,000.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó kan wọ ibí, ẹ bi ara yín pé: bí a bá fi tọ́ọ̀nù kan kún iṣẹ́, ṣé owó yìí máa lọ sókè, ṣé a sì lè tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ tó gbà á? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àyè rẹ̀ nìyí.

Owó tí gbogbo iṣẹ́ jọ ń jẹ

Owó kan wà tí ilé-iṣẹ́ kò lè ṣe kó má ná, síbẹ̀ tí èèyàn kò lè nawọ́ sí àpò gààrí kan pé tìrẹ ni. Ìnáwó àjọlò ilé-iṣẹ́ la pe ìyẹn. Ìyá tó ń bójú tó àtíbàbà gba ₦78,000 lóṣù. Bí wọ́n yan àpò mẹ́wàá, bí wọ́n yan ọgọ́ta, iye tó ń gbà nìyẹn. Omi àti ìmọ́tótó gba ₦25,000. Wọ́n tún jáàkì ṣe ní ₦13,000.

Igi ìdáná máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ó kúkú ń pọ̀ sí i bí iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i, ìyẹn ni àwọn kan fi ń kó o mọ́ ìnáwó ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ẹ̀kún ọkọ̀ kan ni wọ́n rà sílẹ̀, gbogbo ààrò ló ń mú nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ka igi tó wọ abẹ́ agbada kan. Àwa fi í sí ìnáwó àjọlò, ₦150,000. Ibi tí ẹ bá fi sí, ẹ má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kò ní lè fi oṣù kan wé èkejì.

Owó ilé jẹ́ ₦60,000, àmọ́ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà gba ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà. ₦40,000 nìkan ló wọ ibí. ₦20,000 tó kù jẹ́ ti títà, kò kan ṣíṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ọkọ̀ tó ń gbé gààrí lọ sọ́jà, àti owó ìpè tí wọ́n fi ń wá oníbàárà. Kí iná ààrò tó kú ni ìṣirò yìí ti parí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwé tirẹ̀.

Ó ku ogbó ẹ̀rọ. Jáàkì àti agbada ná wọn ní ₦720,000, wọ́n sì retí pé yóò lò tó ọdún 5, ìyẹn oṣù 60. Oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ ₦12,000 nínú rẹ̀. Owó yìí kò jáde lápò ẹnikẹ́ni lóṣù yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbàgbé rẹ̀, títí agbada yóò fi lu tí kò ní sí owó òmíràn nílẹ̀.

Ìnáwó àjọlò: 78,000 + 25,000 + 13,000 + 150,000 + 40,000 + 12,000 = ₦318,000.

Bí a bá pa á pọ̀ mọ́ ìnáwó ìpìlẹ̀, gbogbo owó tí ilé-iṣẹ́ ná lóṣù Kẹwàá jẹ́ ₦1,829,000.

Ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ jáàkì

Ẹ má tíì fi àpò 48 pín in. Lára gààrí tí wọ́n yan lóṣù Kẹwàá, a rí èyí tó ti wà lábẹ́ jáàkì láti ìparí oṣù Kẹsàn-án, tọ́ọ̀nù kan, tó ti jẹ ₦115,000 kí oṣù tuntun tó wọlé. Owó yẹn wà lára gààrí oṣù Kẹwàá, a ó fi kún un. Tọ́ọ̀nù kan mìíràn sì wà lábẹ́ jáàkì lọ́jọ́ 31, tí yóò di gààrí lóṣù Kọkànlá. A ti náwó lé e, àmọ́ kò sí nínú àpò 48, a ó yọ ọ́.

Èló ni ká yọ? Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ ṣírò iye tí ẹ̀gẹ́ náà ti jẹ dé ibi tó dé, kì í ṣe iye tí yóò jẹ tó bá di gààrí. A ti rà á, a sì ti gbé e wálé: ₦86,000. A ti bó o: ₦15,000. A ti rin ín: ₦5,000. Wọn kò tíì yan án, torí náà kò sí owó ayangààrí níbẹ̀, kò sì sí owó igi. Ṣùgbọ́n ó ti lo àtíbàbà, omi, jáàkì àti ojú ìyá tó ń bójú tó iṣẹ́. Bí a bá yọ igi kúrò nínú ìnáwó àjọlò, ₦168,000 ló kù. Tọ́ọ̀nù 12 tí wọ́n bó tí wọ́n sì rin lóṣù náà ló jọ jẹ ẹ́, ₦14,000 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000.

Owó gààrí tó parí: 1,829,000 + 115,000 − 120,000 = ₦1,824,000.

Ẹ wá fi àpò 48 pín in: ₦38,000 ni àpò kan. Ojú owó rẹ̀ nílé-iṣẹ́ nìyẹn, kó tó gun ọkọ̀ lọ sọ́jà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n yí i po, kí wọ́n yọ ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kí wọ́n sì fi ti ìparí kún un. Èyí tó bá wọlé láti oṣù tó kọjá la ń fi kún, èyí tó ń lọ sí oṣù tó ń bọ̀ la ń yọ.

Ìbéèrè kan fún yín

Ẹnìkan lè sọ pé ₦5,000 péré ni ìyàtọ̀ tí gbogbo wàhálà yìí mú wá lóṣù Kẹwàá. Òótọ́ ni, torí pé tọ́ọ̀nù kan ló wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ẹ wo oṣù Kọkànlá. Wọ́n tún bó tọ́ọ̀nù 12, wọ́n sì rin ín, ṣùgbọ́n igi tutù lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, tọ́ọ̀nù 8 péré ni wọ́n rí yan, àpò 32. Tọ́ọ̀nù 5 kù sábẹ́ jáàkì. Ìnáwó wọn nìyí: ẹ̀gẹ́ ₦1,032,000, bíbó ₦180,000, rírin ₦60,000, yíyan ₦160,000, igi ₦100,000, ìnáwó àjọlò yòókù ₦168,000. Èló ni àpò kan?

Ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀gẹ́ abẹ́ jáàkì yóò ro ₦1,700,000, yóò fi 32 pín in, yóò rí ₦53,125. Ẹ̀rù á bà á. Ó lè fi owó lé gààrí tí oníbàárà yóò fi yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kó fura sí ẹni tó ń tọ́jú owó, kí ìjà dé sí ẹgbẹ́.

Ìṣirò tó yẹ rèé: ₦1,700,000, ẹ fi ₦120,000 tó wọlé láti oṣù Kẹwàá kún un, ẹ yọ tọ́ọ̀nù 5 ní ₦120,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦600,000. Ó ku ₦1,220,000. Fún àpò 32, ₦38,125 ni àpò kan. Kò sẹ́ni tó jí owó. Owó ń bẹ nínú àpò tó ń kán omi.

Bí ẹ ó ṣe kà á

Ìṣirò yìí kò ní dára ju bí ẹ bá ṣe ka àpò lọ. Ẹ fi ẹfun kọ ọjọ́ tí ẹ rin ẹ̀gẹ́ sára àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mọ iye àpò tí tọ́ọ̀nù kan ń kún lọ́dọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ 14, tí ẹ bá 70 lábẹ́ jáàkì, tọ́ọ̀nù 5 nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oṣù parí ni kí ẹ kà á, kí ẹni méjì sì jọ kà á.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan sábà máa ń mú kílò gààrí 200 sí 250 jáde. Ti ẹgbẹ́ yìí jẹ́ 200, àpò mẹ́rin. Bí ìwé yín bá ní tọ́ọ̀nù 12 ti di gààrí, tí àpò tó jáde kò sì ju 36 lọ, kíkà yín ní àṣìṣe, tàbí ẹ̀gẹ́ náà kún fún omi, tàbí gààrí ń gba ẹnu ọ̀nà mìíràn jáde.

Èyí tó bá pẹ́ lábẹ́ jáàkì títí tó fi bàjẹ́ kì í ṣe ẹ̀gẹ́ abẹ́ jáàkì mọ́. Ẹ má kà á mọ́ ohun tí ẹ ó gbé sọ́dá sí oṣù tuntun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù, kí owó rẹ̀ má bàa sá sínú àpò gààrí tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.