Sítọ́ọ̀pù mi wà ní 95, 82 ni wọ́n bá mi tà á

Ṣíà 100 ni mo rà nínú ilé-iṣẹ́ kan ní ọjà Amẹ́ríkà, dọ́là 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi àṣẹ sítọ́ọ̀pù sí 95, pé kí wọ́n tà á bí iye rẹ̀ bá já débẹ̀. Ìṣirò mi ni pé bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ yíwọ́, dọ́là 500 ni màá pàdánù. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kéde èrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo tún ṣètò kí fóònù mi dún bí iye owó bá já wálẹ̀ ju 97 lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 82 ni wọ́n bá mi ta gbogbo rẹ̀. Dọ́là 1,800 ló lọ.

Fóònù náà dún o. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Nuyọ́ọ̀kì ni ọjà ń pa, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìkéde jáde. Mo ṣí àkọsílẹ̀ òwò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí ọjà ti pa: 99.02, 98.90, lẹ́yìn náà 86.10. Mo wò ó títí. Láàárín 98.90 sí 86.10, ẹnikẹ́ni kò ra, ẹnikẹ́ni kò tà. Èmi rò pé iye owó á máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, tí á fi kan 97 kí ó tó kan 95. Kò sí àkàsọ̀ kankan níbẹ̀. Ìgbà tí fóònù fi dún, 95 ti kọjá.

Ṣé mo lè fi ọwọ́ ara mi tà á lóru yẹn? Mo lè gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rà ní 86 ń wá ogún ṣíà péré, ẹni tó tẹ̀lé e sì ń san 83. Àwọn oníṣòwò kò pọ̀ ní àsìkò yẹn. Sítọ́ọ̀pù mi ní tirẹ̀ sùn sílẹ̀: láti aago 9:30 àárọ̀ sí aago mẹ́rin nìkan ni alágbàtà mi ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Mo ní kí n dúró de àárọ̀.

Láàárọ̀, kí ọjà tó ṣí, wọ́n kó gbogbo àṣẹ ìrà àti ìtà jọ, wọ́n sì wá iye kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ jù lọ á fi lè bá ara wọn ṣòwò. Iye náà já sí 82. Bí 82 ti wà lábẹ́ 95, sítọ́ọ̀pù mi jí, ó sì di àṣẹ pé kí wọ́n tà á ní iye yòówù tó bá wà nílẹ̀. Alágbàtà mi kò rú òfin kankan: 95 ni ibi tí àṣẹ yẹn ti ń jí, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni ṣèlérí láti san.

Èyí ló jẹ́ kí n padà sídìí ètò orí kọ̀ǹpútà tí mo fi dán ọ̀nà òwò mi wò lórí iye owó àtẹ̀yìnwá. Àṣìṣe náà wà níbẹ̀ gbangba. Níbikíbi tí iye tó kéré jù lọ lóòjọ́ bá ti kan sítọ́ọ̀pù, ètò náà ń kọ ọ́ pé wọ́n tà á ní iye sítọ́ọ̀pù gan-an. Fún ṣíà tí mo ti dì mú sùn mọ́jú, mo yí i padà báyìí:

```
if low <= stop:
    fill = min(open_price, stop)
```

Nínú òwò 31, sítọ́ọ̀pù jí nígbà mẹ́sàn-án. Mẹ́fà ṣẹlẹ̀ lásìkò tí ọjà wà ní ṣíṣí, gbogbo wọn sì kó bíi dọ́là 3,000 lọ. Nínú mẹ́ta yòókù, iye owó fò kọjá sítọ́ọ̀pù nígbà tí ọjà ń ṣí, mẹ́ta yẹn nìkan sì kó 3,800. Èrè tí mo ti ń yọ̀ lé lórí ìwé rí hẹ́ẹ́ báyìí.

Mo rò ó bóyá kí n lo irú sítọ́ọ̀pù tó ní ààlà, kí n ní kí wọ́n má ṣe tà á lábẹ́ 94. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọn ì bá má tà á rárá, torí 82 ni ọjà ṣí, ó sì parí ọjọ́ náà ní 78. Ṣíà náà ì bá wà lọ́rùn mi. Irú àṣẹ yẹn ń dáàbò bo iye tí wọ́n á fi tà á. Kò dá ẹ lójú pé wàá jáde.

Iye ṣíà ni mo wá yí padà. Fífò tó burú jù lọ nínú àkọsílẹ̀ mi jẹ́ dọ́là 18 lórí ṣíà kan. Bí mi ò bá fẹ́ pàdánù ju 500 lọ, 500 pín sí 18 jẹ́ 27 àti díẹ̀, ìyẹn ṣíà 27, kì í ṣe 100. Mo mọ̀ pé ọjà lè fò ju 18 lọ: bó bá fò 30, ṣíà 27 á kó 810 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí ọjà tó pa lọ́jọ́ ìkéde èrè, nígbà tí àwọn olùrà ṣì pọ̀.