Bí A Ṣe Ń Yẹ Àyíká Ìṣàkóso Ilé-iṣẹ́ Wò
Ẹ̀yin olùyẹ̀wò ìwé owó, nínú ẹ̀ka márùn-ún ìlànà COSO fún ìṣàkóso abẹ́lé, àyíká ìṣàkóso, ìyẹn ìwà àti àṣà tí àwọn ọ̀gá fi lélẹ̀, ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé òfin ilé-iṣẹ́ nìkan kò lè fi í hàn. Ẹ̀ka mẹ́rin yòókù, ìgbéléwọ̀n ewu, ìgbésẹ̀ ìdènà, ìbánisọ̀rọ̀ àti àbójútó ni yóò jẹ́rìí sí i. Ní WorldCom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá ìṣúná pàṣẹ pé kí a kọ ìnáwó ojoojúmọ́ sílẹ̀ bí ohun ìní, àwọn òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀ pé kò tọ́ sì kọ ọ́, títí àwọn olùyẹ̀wò abẹ́lé fi tú u síta ní 2002. Nítorí náà, ẹ yọ àwọn àtúnṣe ńláńlá ìparí oṣù jáde, kí ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó kọ wọ́n. Bí ó bá ní àṣẹ ọ̀gá nìkan ni òun rí, ẹ má gbára lé ìbuwọ́lùwé ọ̀gá náà níbòmíràn.