Bí A Ṣe Ń Gbé Gbì, Fẹ̀ẹ̀ àti Fòò Wọ Inú Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ti ná ọjà Bódìjà rí lè sọ irú ìtàn kékeré yìí:

"Àpò èlùbọ́ já bọ́ lórí alábàárù, ó balẹ̀ gbì. Eruku sọ lálá. Alábàárù fò sẹ́yìn fẹ̀ẹ̀, gbogbo ìsọ̀ pa lọ́lọ́. Ìyá kan tó wé gèlè pupa fòò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kèékèé."

Gbì, lálá, fẹ̀ẹ̀, lọ́lọ́, fòò, kèékèé: àwọn ló gbé ìtàn náà ró. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pè ní áídíófóònù, orúkọ tí C. M. Doke lò ní 1935 nígbà tó ń kọ̀wé lórí àwọn èdè Báńtù. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ bà ni "fẹ́rì": pupa fòò á di pupa púpọ̀, pa lọ́lọ́ á di dákẹ́ gan-an. Ìtumọ̀ náà kò ṣì, àmọ́ kò sí ẹni tó máa rí ọjà nínú rẹ̀. (Bí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dún lẹ́nu wa ni mo ṣe kọ wọ́n síbí.)

Kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ẹ kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà wò. Kí ló wà nínú gbì? Ìwúwo wà níbẹ̀. Ohun náà kò fọ́, kò sì hó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún, ìró rẹ̀ sì parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá dé kì í dún gbì, gbàgà ló ń dún. Ìbọn ń dún gbàù. Ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ní gbólóhùn lásán, torí pé òun lẹ ó fi yẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ bá mú wò.

Ohùn orí ọ̀rọ̀ náà yóò ràn yín lọ́wọ́. Ohun tó rí rògòdò tóbi ju èyí tó rí rógódó lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni bìrìkìtì àti bíríkítí. Nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ohùn ìsàlẹ̀ sábà máa ń bá ohun ńlá, ohun tó wúwo rìn. Ohùn òkè a máa bá ohun kékeré rìn. Ẹ tún wo wúruwùru, játijàti, pálapàla, rádaràda. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ní: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín. Gbogbo wọn ló sì ń sọ nǹkan tí kò létò. Ẹni tó mọ èyí á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kó tó wo ìwé atúmọ̀-èdè. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn tó lè fi ṣe èyí, àmọ́ òun náà máa ń sọ ọ̀rọ̀ di méjì tó bá fẹ́ sọ ohun tó rí wúruwùru tàbí tó ń wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún: síígì-sáàgì, hẹ́lítà-sikẹ́lítà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pa oníGẹ̀ẹ́sì lẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹ má fi wọ́n sínú ìtàn ọ̀fọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti tú u tán, ibi tẹ́ ẹ máa gbé agbára náà sí ló kù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì pọ̀ sí jù. Yorùbá máa ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe fúyẹ́fúyẹ́, bíi fò, balẹ̀, sọ, á wá fi áídíófóònù tẹ̀lé e láti sọ bó ṣe rí. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó bó ṣe rí sí. Nítorí náà, ẹ má wá ọ̀rọ̀ kan fún fò àti òmíràn fún fẹ̀ẹ̀. Ẹ da méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó gbé wọn: lípù. Eruku tó sọ lálá di bílò. Bó bá jẹ́ pé ẹ fi "ní kíákíá" kún ọ̀rọ̀-ìṣe tó fúyẹ́, ẹ máa rí i pé gbólóhùn náà gùn, síbẹ̀ kò yára.

Gbì kò wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe dáadáa, ọ̀rọ̀-orúkọ ló yẹ ẹ́. Ẹ padà sí ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Kíráàṣì kò yẹ, nítorí ohun tó bá kíráàṣì ń fọ́, ariwo rẹ̀ sì máa ń pẹ́ díẹ̀. Àwo ni ìyẹn, kì í ṣe èlùbọ́. Báàngì le jù, ó sún mọ́ gbàgà. Tọ́ọ̀dù ló yẹ: ó wúwo, kò hó, ó sì parí lójijì. Ní ti lọ́lọ́, yíyí gbólóhùn náà po ló dára. Dípò kẹ́ ẹ sọ pé àwọn ìsọ̀ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ olùwà, kó já lé ìsọ̀. Gẹ̀ẹ́sì gba èyí dáadáa. Kèékèé ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Kákù máa ń wá sọ́kàn, àmọ́ létí oníGẹ̀ẹ́sì, àjẹ́ inú ìtàn ló ń rín bẹ́ẹ̀, ìyá wa yìí kò sì ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ṣíríìkì sàn jù.

Àwọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Pupa ni fòò mọ̀. A kì í sọ pé nǹkan funfun fòò. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ọ̀rọ̀ aláìṣípò bẹ́ẹ̀, bíi píìṣì tó máa ń bá bíláàkì rìn àti bíráńdì tí kì í kúrò lẹ́yìn níù. Òkùnkùn biribiri rí ẹnìkejì rẹ̀ nínú píìṣì láìsí wàhálà. Pupa rúsúrúsú, àwọ̀ òrùlé Ìbàdàn téèyàn ń rí láti orí òkè Màpó, náà rí ibi wọ̀: rọ́ọ̀sìtì, ìpata gan-an. Fòò kò rí. Àwọn kan á fi wé ata rodo, àmọ́ òǹkàwé tó jẹ́ pé ata tútù aláwọ̀ ewé ló mọ̀ á ṣìnà. Èmi á jẹ́ kí gèlè náà ṣe nǹkan: kó bíléèsì láàárín èrò. Agbára tí fòò ní ti wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn, bíi ti fẹ̀ẹ̀.

Ẹ má gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé pẹ̀lú agbára kan náà. Etí Yorùbá ò ka mẹ́fà sí nínú gbólóhùn mẹ́rin, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá kún fún ìró báyìí á dà bí ìwé ọmọdé. Nínú ìtàn tiwa, gbì àti lọ́lọ́ ni mo máa dì mú, nítorí ìró tó ṣubú àti ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ìtàn náà dúró lé. Mo lè fi lálá sílẹ̀ kó di eruku lásán. Tó bá sì jẹ́ pé èèyàn ló ń sọ ìtàn náà nínú ìwé, ẹ lè fi gbì sílẹ̀ bó ṣe wà, tí gbólóhùn tó yí i ká bá ti fi hàn pé àpò ló balẹ̀. Fòò kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, torí etí nìkan kò lè gbọ́ àwọ̀ nínú rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ẹ fún ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì yín, ẹni tí kò tíì rí èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kó sọ ọ́ padà lédè wa. Tó bá sọ pé àpò náà "ṣubú gidi gan-an", gbì ti sọnù lọ́nà. Tó bá sọ pé ó balẹ̀ gbàgà, ariwo ni ẹ gbé lọ, ẹ gbàgbé ìwúwo. Ọ̀rọ̀ tó bá sọnù yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ padà tú wò, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀.